Ẹni Kẹrin Ni Ó Ń San Gbèsè Náà: Bí A Ṣe Lè Ṣàfihàn Olùsọ̀rọ̀ Mẹ́rin Láìdá Àwùjọ Lágara

Nínú àwọn àpérò tí a máa ń pé jọ sí ní agbègbè wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé, ìyà kan wà tí ẹni àkọ́kọ́ kì í jẹ, tí ẹni kejì kì í sábà jẹ, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já lé ẹni kẹrin lórí nígbà gbogbo. A pe ènìyàn mẹ́rin láti wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan. A ṣèlérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé iye àkókò kan náà ni a óò fún wọn. Nígbà tí ó bá kan ẹni kẹrin, olùdarí ìjókòó a wo aago ọwọ́ rẹ̀, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì wí pé: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, àkókò ti lọ, ẹ bá wa ṣe é ní ṣókí." Bàbá tí ó ti kúrò ní abúlé rẹ̀ láti ìdájí, tí ó ti gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò láti fi hàn wá, a kí àwùjọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó pè é, a sì jókòó. Irinṣẹ́ náà kò jáde nínú àpò.

A máa ń di ẹ̀bi náà ru olùsọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú, pé òun ni ó gùn jù. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ kà á, a óò rí i pé ṣáájú kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin tó la ẹnu ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ná àkókò ẹni kẹrin. Ẹni tí ó ń ṣàfihàn wọn ni ó ná an. Lórí àfihàn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa olùkọ́ lisé ni a sábà máa ń pè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: a gbọ́ Faransé, a gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó lè dá ọgọ́ta ọmọ ilé-ìwé dúró lè dá ọ̀jọ̀gbọ́n dúró pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó ọjà. Ìjókòó olùsọ̀rọ̀ mẹ́rin, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì, sábà máa ń ní wákàtí kan àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 90. Ní ilẹ̀ wa, a óò pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15. Ó ku 75. Olùdarí kí ọba, ó kí ìjòyè, ó kí aṣojú ìjọba àti olórí ìlú, ó kí àwọn oníròyìn. Ìṣẹ́jú 5 lọ. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé tí àwọn olùsọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ sí i nípa ara wọn, ó sì ń kà á: ibi tí a ti bí wọn, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbà, ìlú tí wọ́n ti rin ìrìn àjò dé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 4, ìṣẹ́jú 16 ni ó tún lọ. Ó wá ku 54, kò sì tíì sí ẹni tí ó sọ gbólóhùn kan lórí ohun tí a torí rẹ̀ pé jọ. Ẹni àkọ́kọ́, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, gba 20. Ẹni kejì gba 18. Ẹni kẹta, tí a ti ń fi ojú kán lójú, gba 11. Ẹni kẹrin rí ìṣẹ́jú 5. Ìbéèrè àwùjọ kò rí nǹkan kan.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ẹni kẹrin yìí máa ń jẹ́. Nínú ìwé ètò wa, ipò oyè ni a fi ń to orúkọ: ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn aṣojú ẹgbẹ́, lẹ́yìn gbogbo wọn ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí a ń sọ. Nítorí náà, bí ìfihàn bá gùn, àgbẹ̀ ni ó ń san gbèsè náà nínú àpérò lórí iṣu, aláró ni ó ń san án nínú àpérò lórí aṣọ, onílù ni ó ń san án nínú àpérò lórí ìlù.

Kí ni ìfihàn wà fún gan-an? Àwùjọ nílò ohun mẹ́ta péré kí wọ́n tó lè fi etí sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀: orúkọ rẹ̀, ìdí tí òun fi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti ìbéèrè tí ó wá dáhùn. Ohun kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ni ó ń so ẹni kan pọ̀ mọ́ ẹnì kejì lórí ìjókòó. Ìyókù wà nínú ìwé ètò tí a ti pín lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ń ka ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn sí wọn létí, ojú wọn yóò máa sáré ka ìwé náà ṣáájú ẹnu wa. Bí wọ́n bá ti kà á tán, wọn a sọ ọ́ di abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ìwé ètò bá ti di abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ìlàjì àwùjọ, ilé ìpàdé ti kọ́ wa pé kì í ṣe ooru nìkan ni ó fà á.

Àwọn kan yóò wí pé Yorùbá ni wá, pé a kì í pe ènìyàn láìkì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá tí ó ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kò ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì ni ó fi kàn án lára, orí ọmọ sì wú. Oríkì gígùn ní ọjọ́ tirẹ̀: ọjọ́ ìsìnkú àgbà, ọjọ́ ìwúyè, ọjọ́ ọdún egúngún. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí a ń kì ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ àpérò, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ ni a wá gbọ́. Ẹ̀yẹ tí ó ga jù tí a lè ṣe fún olùsọ̀rọ̀ ni pé kí a fà á lé àwùjọ lọ́wọ́ nígbà tí etí wọn ṣì mú.

A óò mú àpẹẹrẹ kan tí a darí, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ti ẹni tí ó ń kọ́ni ní ìwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Kétu ni, lórí Gèlèdé. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Yunẹ́sikò kéde Gèlèdé ní 2001, tí ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ogún àṣà gbogbo ayé ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò ti ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá. Ìbéèrè ìjókòó wa ni pé: nígbà tí Gèlèdé bá kúrò ní ojúde ìlú bọ́ sórí pèpéle níwájú àlejò, kí ni ó ń jèrè, kí ni ó sì ń pàdánù? Olùsọ̀rọ̀ mẹ́rin ni: ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ ìtàn, Ìyáláṣẹ ẹgbẹ́ Gèlèdé kan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, àti agbẹ́gilére kan. A óò pa orúkọ wọn mọ́, nítorí pé wọn kò rán wa níṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni iṣẹ́ ìfihàn ti bẹ̀rẹ̀. A kò béèrè ìtàn ìgbésí ayé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ojú ìwé méjì ránṣẹ́, yóò sì retí pé kí a kà á tán. Orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni a ti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí a pe orúkọ yín, oyè wo ni ẹ sì fẹ́ kí a dá? Èkejì: kí ni ohun kan, ọ̀kan péré, tí ẹ ti ṣe tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín ju àwa lọ? Ẹ̀kẹta: bí àwùjọ bá máa mú gbólóhùn kan lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yín, èwo ni ẹ fẹ́ kí ó jẹ́?

Ìbéèrè kìíní kò kéré o. Orúkọ wa nínú ìwé ìbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń wọ aṣọ Faransé: kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, a sì ti sọ ohùn "ṣ" di lẹ́tà méjì. Ẹni tí ó bá kà á bí ó ti wà níbẹ̀ lè sọ orúkọ ènìyàn di ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, a gba ohùn olúkúlùkù sílẹ̀ bí ó ti ń pe orúkọ ara rẹ̀, a sì tún un kọ pẹ̀lú àmì sórí káàdì wa. Ní ti oyè, ẹ jẹ́ kí olóyè fúnra rẹ̀ sọ èyí tí ó jẹ́. Bí a bá pe olùkọ́ yunifásítì tí kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ojú ni yóò tì í níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ wa ṣe.

Lẹ́yìn ìpè yẹn ni a to wọ́n. A gbé agbẹ́gilére síwájú, Ìyáláṣẹ tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ìkẹta, ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìkẹrin. Ìdí rẹ̀ méjì ni. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń bá aago ọ̀fíìsì du nǹkan ni kí a fi síbi tí àkókò ṣì pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti mọ bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú láìpa á lára. Ìdí kejì ni pé bí agbẹ́gilére bá ti fi ère han àwùjọ, àwọn mẹ́ta yòókù ní ohun tí wọn yóò máa tọ́ka sí. Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní bínú pé a fi òun kẹ́yìn? A pè é, a sì rán an létí bí ìgbìmọ̀ àwọn baba wa ṣe ń jókòó: àwọn ọmọdé ni ó ń kọ́kọ́ sọ tiwọn, àgbà ni ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà.

A wá pín ìṣẹ́jú 90 náà báyìí. Olùsọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìṣẹ́jú 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 48. Ìfihàn gbogbo wọn lápapọ̀, ìṣẹ́jú 4. Àkópọ̀ ní èdè kejì lẹ́yìn olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan kan, ó jẹ́ 4. Ìbéèrè àwùjọ, 22. Ìdágbére, 3. Ó ku ìṣẹ́jú 9 tí a kò fún ẹnikẹ́ni: òun ni ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí yóò kọ̀, ti àgbàlagbà tí yóò rọra rìn dé ibi ìjókòó, ti ìjòyè tí yóò wọlé nígbà tí a ti ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo ilé yóò sì dìde. Ẹni tí kò bá fi ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn sílẹ̀ yóò tún lọ mú un nínú ti ẹni kẹrin.

Nínú ìṣẹ́jú 4 ti ìfihàn, kìíní jẹ́ ti ìbéèrè tí a pé jọ fún. Mẹ́ta tí ó kù ni a pín sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 45 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A kò sọ ọ́ pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìjókòó bá jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí olúkúlùkù yóò máa dá sí látìbẹ̀rẹ̀, ó tọ́ kí a mẹ́nu kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwùjọ lè mọ ẹni tí ń fèsì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ohun tí a bá sọ nípa ẹni kẹrin ní aago mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Orúkọ nìkan ni a dá ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú lè mọ ojú. Ìfihàn ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró di ìgbà tí ó kàn án.

Báyìí ni a ṣe ṣí ìjókòó náà: "Kábíyèsí ti gba ìkíni gbogbo wa láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ìkíni náà dúró fún wa. Gèlèdé ti kúrò ní ojúde, ó ti dé orí pèpéle. Kí ni ó jèrè? Kí ni ó pàdánù? Ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n dúró sí ibi mẹ́rin ni yóò dáhùn. Olúkúlùkù wọn ti bá wa ṣe àdéhùn ìṣẹ́jú 12, kí ẹ̀yin náà lè rí ìṣẹ́jú 22 bi wọ́n léèrè." Gbólóhùn àdéhùn yẹn ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ. Nígbà tí a bá sọ ọ́ ní gbangba, àwùjọ di ẹlẹ́rìí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó níwájú pẹ̀lú páálí tí a kọ 3 àti 1 sí ń ran olùsọ̀rọ̀ létí ohun tí gbogbo ilé ti gbọ́.

Ní ti ìkíni, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Àwọn elédè Faransé ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń sọ pé a ti kí gbogbo ẹni tí ó yẹ, kí a má baà to orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń to gbogbo orúkọ náà tán, lẹ́yìn náà ni a óò wá sọ gbólóhùn yẹn. Ìkíni ọba kò ṣeé fò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, láti ẹnu ẹni tí ọjọ́ orí tàbí oyè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùdarí ìjókòó tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní láti tún un ṣe. Kí a fi ẹnu kò lé èyí lórí pẹ̀lú àwọn ará ààfin ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní àrífín.

Fún agbẹ́gilére, ohun tí a sọ nìyí, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀: "Bàbá wa ti ń gbẹ́ ère Gèlèdé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba wọn. Ère kan wà tí ó ń lọ sórí alájòótà, èkejì ń lọ sára ògiri àlejò. Àwọn méjèèjì ti ọwọ́ wọn jáde. A bi wọ́n léèrè pé: kí ni ọwọ́ yín ń ṣe yàtọ̀ nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ère kò ní jó?" A jókòó. Bàbá mú ère méjì jáde nínú àpò, ó sì gbé ọ̀kan fún obìnrin kan ní ìlà iwájú pé kí ó wọn ìwúwo rẹ̀ wò. Ère tí yóò jó ni a gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó fúyẹ́ lórí alájòótà, ẹni tí ń fi ojú wo ọ̀nà láti inú aṣọ tí ó bo ojú rẹ̀. Èyí tí kò ní jó, kò sí ẹni tí yóò ṣe wàhálà àtigbẹ́ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìjókòó wa ti wà lọ́wọ́ àwùjọ, ó ń lọ láti ìlà dé ìlà, ìṣẹ́jú 10 kò sì tíì pé tí a bẹ̀rẹ̀.

Fún Ìyáláṣẹ, ìdánwò mìíràn wà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bá wa ṣètò ti kọ ọ́ pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ni wọ́n, aya olóògbé báyìí báyìí. Ohun ẹ̀yẹ ni bíbímọ, kò sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò sọ iye ọmọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n bí, a kò sì sọ orúkọ aya òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí a bá fi iṣẹ́ ṣàfihàn ọkùnrin, kí a fi iṣẹ́ ṣàfihàn obìnrin. A sọ pé: "Ìyá wa ni olórí ẹgbẹ́ tí Gèlèdé kò lè jáde láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí àlejò bá fẹ́ kí Gèlèdé jáde ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, iwájú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ń dé. Ìgbà wo ni ẹ máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà wo ni ẹ máa ń kọ̀?"

Fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ̀n kan náà ni a lò. Ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń ṣètò ibi tí àlejò ń sùn àti iye tí wọ́n ń san. A bi í pé nínú owó tí àlejò kan ná, mélòó ni ó dé ọwọ́ àwọn tí ó jó? Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gba ìtàn Gèlèdé sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà Kétu. A bi í bóyá Gèlèdé ti yí padà báyìí rí, ṣáájú kí àlejò tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní ìwé tí ó kọ, ó ní àmì ẹ̀yẹ tí ó gbà. Wọ́n wà nínú ìwé ètò. Bí a bá lo ìṣẹ́jú méjì fún un, tí a sì lo ìṣẹ́jú àáyá 10 fún agbẹ́gilére, a ti sọ fún àwùjọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn yóò gbọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn yóò fi sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè méjì, tí ó jẹ́ tiwa ní pàtàkì. Bí a bá ṣe ìfihàn ní Yorùbá, tí a sì tún un ṣe ní Faransé, ìṣẹ́jú àáyá 45 di 90, ìṣẹ́jú 3 di 6, àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí wọ́n sì pọ̀ jù nínú ilé, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A kò tún un ṣe. Èdè tí olùsọ̀rọ̀ yóò lò ni a fi ṣàfihàn rẹ̀, kí etí àwùjọ lè wọ inú èdè náà ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ nìkan ni a tún sọ ní èdè kejì, gbólóhùn kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ṣe àkópọ̀ ìṣẹ́jú kan fún àwọn tí kò gbọ́. Níbi tí ògbufọ̀ bá ń tú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde, kí a má tan ara wa jẹ: ìṣẹ́jú 12 olùsọ̀rọ̀ ti di 6, a sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un nígbà tí a bá pè é, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti dìde.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò gba àkókò púpọ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èkíní ni pé kí olùdarí dáhùn ìbéèrè kí olùsọ̀rọ̀ tó dáhùn rẹ̀. A ti rí olùdarí kan rí tí ó ka ìwé olùsọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìfihàn, ìyẹn dìde, kò rí nǹkan sọ ju pé "bí ọ̀rẹ́ wa ti wí." Èkejì ni ìyìn tí ó ju ènìyàn lọ. Bí a bá pe ẹnì kan ní ẹni tí ó mọ Gèlèdé jù ní ayé, àwùjọ yóò máa wá ibi tí yóò ti kùnà, Ìyáláṣẹ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì rọra yí ojú sí fèrèsé. Ẹ̀kẹta ni àwíjàre nípa ẹni tí kò wá. Bí olùsọ̀rọ̀ kan kò bá lè dé, gbólóhùn kan tó; kí a pín ìṣẹ́jú rẹ̀ fún ìbéèrè, kí a má sì ṣàfihàn ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Báwo ni olùdarí yóò ṣe mọ̀ pé òun ti gùn jù nígbà tí ó wà lórí ìdúró? Kí ó wo ojú àwọn ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń wò. Bí ó bá dárúkọ olùsọ̀rọ̀, ojú wọn yóò yí sí ẹni náà. Àkókò tí ó yẹ kí ó jókòó nìyẹn, tàbí gbólóhùn méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń bá a lọ, ojú yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lọ sí ilẹ̀, sí ẹ̀rọ ọwọ́, sí ẹnu ọ̀nà. Olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa tún ìwé rẹ̀ tò níwájú rẹ̀. Ní ilé, ṣáájú ọjọ́ náà, ìdánwò mìíràn wà: kí ó ka káàdì rẹ̀ sókè pẹ̀lú aago, nítorí pé ojú a máa tan ènìyàn jẹ lórí gígùn ọ̀rọ̀. Lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí mo bá yọ èyí, ṣé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ tí kò ní yé àwùjọ mọ́? Bí kò bá sí, kí ó yọ ọ́. Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí.

A kò lè ṣèlérí pé ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí yóò bọ́ lọ́wọ́ olùsọ̀rọ̀ tí kò mọ páálí kà. Ó wà níbi gbogbo, aago kì í sì í dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfihàn bá kúrú, olùdarí ní ẹ̀tọ́ láti dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejìlá. Ẹni tí ó ti fi ìṣẹ́jú 16 ka ìwé-ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn kò ní ojú tí yóò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé àkókò ti lọ. Àwùjọ mọ ibi tí àkókò náà gbà lọ, ẹni kẹrin sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.